Ẹ gbà mí: rẹ́ńdà Blender ń ba ìlà àdìrẹ mi jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà. Mò ń ṣe fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 10 fún ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ: aṣọ kan tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí okùn. Àwòrán 240 ni gbogbo rẹ̀. Cycles ni mò ń lò, kọ̀ǹpútà mi kò sì ní káàdì àwòrán.

Nígbà tí Max Samples wà ní 1024, àwòrán kan ń gba ìṣẹ́jú 9. Wákàtí 36 nìyẹn, iná ò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Mo sọ ọ́ di 128, mo tan Denoise, ó bọ́ sí ìṣẹ́jú 2. Àmọ́ àwọn ìlà wínníwínní tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ fà sára aṣọ náà wá ń yọ́, wọ́n sì ń gbọ̀n láti àwòrán kan sí èkejì. Mo dín Resolution kù sí 50%, ìlà náà tún dàrú sí i.

Ó ku SheepIt, tó ń bá èèyàn rẹ́ńdà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n dátà mi kò tó láti gbé fáìlì náà lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀wọ́, Max Samples mélòó ni kí n fi ránṣẹ́ kí ìlà wọ̀nyẹn má gbọ̀n mọ́, ṣé kí n sì pa Denoise?