Orí, abala, apá: kí ni ká pe àwọn ìpín inú fídíò ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àǹtí mi, aránṣọ ni wọ́n l'Óṣogbo, wọ́n ṣe fídíò ẹ̀kọ́ kan tó gba wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 34: bùbá, ìró, títí dórí gèlè. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè wá pé, "Níbo lẹ ti gé ọrùn?" Mo fẹ́ to àwọn kókó rẹ̀ sábẹ́ fídíò lórí YouTube pẹ̀lú àkókò wọn, kí ẹni tó ń wá nǹkan lè fò lọ síbẹ̀ tààrà. Kí ni ká máa pe ìpín kọ̀ọ̀kan? Kí ni ká sì máa pe aago tó ṣáájú orúkọ rẹ̀?

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, "orí" ni. Bíbélì ti bá wa yanjú èyí tipẹ́: Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, Sáàmù orí kẹtàlélógún. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ "orí kẹta" tó máa fọwọ́ kan agbárí wò. Èyí tẹ́ ẹ pè ní aago yẹn, "òǹtẹ̀ àkókò" ni kẹ́ ẹ pè é. Òǹtẹ̀ la fi ń sàmì sí ìwé, àkókò sì rèé. Ó ti tán.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjíròrò o. Ṣé ó le tó báyìí ni? Ẹ gé fídíò náà sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ pè é ní Apá Kìíní, Apá Kejì, Apá Kẹta, bí àwọn onífíìmù ṣe ń ṣe. Ohun tí mo kàn fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ra Apá Kìíní fíìmù kan nígbà kan, nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, Apá Kejì ti tán. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó gbé ọmọ yẹn.

Ẹni tó ń gé fídíò, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kọ́ nìyẹn o. Fídíò kan ṣoṣo náà ni yóò wà, a ò ní gé e rárá. Ìlà tó ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò pín sí kéékèèké, ẹni tó bá tẹ orúkọ kan yóò sì bọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ràn wá lọ́wọ́ láìmọ̀, torí ẹ ti jẹ́ ká rí i pé "apá" ti níṣẹ́ lọ́wọ́: fíìmù tó dá dúró ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aránṣọ la ń bá ṣiṣẹ́. "Apá kejì: rírán apá." Ẹ wò ó náà.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi, ohun kan náà ló ń ṣe "orí". Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, mo fara mọ́ ọn. Nínú ẹ̀kọ́ tó ní gèlè nínú, ẹ ò ní í pẹ́ kọ "orí keje: ká wé e mọ́ orí."

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lé lórí. Rìsíìtì tí ẹ̀rọ tẹ ọjọ́ àti aago sí lára, ìyẹn gba òǹtẹ̀, torí ẹ̀rí ni: ó ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí. Kò sọ ìgbà tí àǹtí gé ọrùn. Ibi tó wà nínú fídíò ló ń sọ. Ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń wo fídíò: "Lọ sí ìṣẹ́jú kẹrìnlélógún, ó wà níbẹ̀." Wọn kì í sọ àkókò, áńbọ̀sìbọ́sí òǹtẹ̀. Mo fara mọ́ "ìṣẹ́jú" lásán. "Aago" ni mi ò fẹ́, torí ẹni tó bá rí "aago 12:40" á rò pé ọ̀sán la máa ṣe ìpàdé.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, YouTube ní òfin tirẹ̀, kò sì bìkítà nípa èdè wa. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 0:00. Ìlà náà kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú láìpadà sẹ́yìn, ìpín kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìṣẹ́jú-àáyá 10. Mo ti jìyà ìlà àkọ́kọ́ yẹn rí. Mo ṣe fídíò kan fún oníbàárà, mo rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ìkíni, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ láti 0:45. Gbogbo nọ́ńbà náà di àwọ̀ búlúù, wọ́n ṣeé tẹ̀, inú mi dùn. Ọjọ́ kẹta ni mo tó wo ìlà ìsàlẹ̀ fídíò tí mo rí i pé odindi ló wà, kò pín rárá. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa mọ̀: tí ìlà yẹn bá ní àlàfo kéékèèké, ó ti gbà, tí kò bá ní, búlúù yẹn ń tàn yín ni.

Atúmọ̀-èdè, Ìlọrin

"Abala" ni kẹ́ ẹ lò. Ó wà nínú ìwé òfin, ó wà nínú ìwé ìwádìí, kò sì sí ẹ̀yà ara tó ń jẹ́ abala. Ẹ kọ "Abala 1", "Abala 2" sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rántí pé èyí tó wà ní 0:00 gbọ́dọ̀ máa jẹ́ "Ìfáàrà", bí bẹ́ẹ̀ kọ́ YouTube kò ní í gbà á.

Ẹni tó ń gé fídíò, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mo gba abala lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n orúkọ èyí tó wà ní 0:00 kò kan YouTube. 0:00 yẹn ló ń wò. Ẹ lè pè é ní ohunkóhun. Kíkọ "Abala 4" síwájú ìlà sì ni ohun tó máa pa iṣẹ́ yìí. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó máa wá "Abala 4". Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni "gígé ọrùn", òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí, torí pé lórí fóònù, orúkọ tó bá gùn kì í hàn tán. Ẹ jẹ́ kí abala jẹ́ orúkọ tí àwa fi ń pe nǹkan náà, kó má wọ inú ìlà. Bí èmi ì bá ṣe tò ó nìyí, tó bá jẹ́ pé bí mo ṣe rò lẹ́kọ̀ọ́ náà lọ ló lọ:

```
0:00 Ohun tí a ó kọ́ lónìí
1:10 Wíwọn ara
12:40 Kíká aṣọ kí a tó gé e
24:15 Gígé ọrùn bùbá
38:05 Rírán ọwọ́ mọ́ bùbá
57:30 Ìró: wíwọn àti rírán etí
1:16:20 Wíwé gèlè
```

Ẹ fi àmì méjì tó wà lókè ara wọn yẹn sáàárín nọ́ńbà, ẹ má lo àmì ìdánudúró. Ẹ má sì kọ "ìṣẹ́jú 24 àti àáyá 15". A lè máa pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ibì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú-àáyá. Ọrùn wà ní 24:15, 24 lọ́nà 60 jẹ́ 1440, ẹ fi 15 kún un, 1455 ni. Ẹ wá fi `?t=1455` sí ìdí líǹkì kúkúrú fídíò náà.

Ọ̀rọ̀ wíwá ló ṣòro jù fún àwa Yorùbá. Ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ kan ní kí n ṣe ojú-ìwé tí àwọn abala fídíò wọn wà, pẹ̀lú àpótí tí wọ́n á máa tẹ ọ̀rọ̀ sí. Mo kọ "ọrùn" síbẹ̀ dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tẹ "orun" lórí fóònù rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé olùkọ́ wọn tẹ "ọrùn" pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kò rí i náà. Kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ ọ, tèmi fi àmì tó rí roboto. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, àmọ́ ohun méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo ṣe ni pé kí ẹ̀rọ bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ méjèèjì kó tó fi wọ́n wéra:

```
const bo = s => s.normalize("NFD")
  .replace(/[\u0300\u0301\u0323\u0329]/g, "")
  .toLowerCase();
```

Méjì àkọ́kọ́ ni àmì ohùn ìsàlẹ̀ àti tòkè, méjì tó kẹ́yìn ni àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà, roboto àti ìlà.

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo ti gbọ́ ti òǹtẹ̀, n ò jà. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yìí kò bá mi lára mu. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, ẹ wá kọ ẹ̀rọ tó ń bọ́ ọ kúrò. Tẹ́ ẹ bá bọ́ àmì lára ọrùn, kí ló fi yàtọ̀ sí ọ̀run? Ẹni tó ń wá ọrùn bùbá á bá ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Ẹni tó ń gé fídíò, Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mo rẹ́rìn-ín. Oòrùn náà á wọlé pẹ̀lú, torí tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, "orun" wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfiwéra nìkan ni a bọ́ àmì fún. Ohun tó hàn lójú-ìwé ní gbogbo àmì rẹ̀ lára, ìyẹn ni pé ọmọ tó tẹ "orun" á rí "ọrùn" tí a kọ bó ṣe yẹ. Nínú ẹ̀kọ́ aṣọ, ọ̀run kò sí níbẹ̀, kò séwu. Tó bá jẹ́ ìwàásù ni, mi ò ní í ṣe é báyìí. Màá kọ́kọ́ gbé èyí tó bá àmì mu pátápátá sókè, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ máa gbé e sókè nínú ti aṣọ náà.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ó ti wá yé mi báyìí. Ṣé a lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí fíìmù náà? Ibi tí wọ́n ti gbé ọmọ yẹn nìkan ni mo ń wá.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tò ó, ìlà sì pín. Lẹ́yìn náà ni àǹtí ní kí n gé ìkíni tó wà níbẹ̀rẹ̀ kúrò, ìṣẹ́jú-àáyá 38. Mo gé e, ni gbogbo nǹkan bá dàrú: ẹni tó tẹ "gígé ọrùn" á bá àǹtí níbi tí wọ́n ti gé e tán, wọ́n á máa ká èyí tó kù. Mo ní láti yọ 38 kúrò lára ìlà kọ̀ọ̀kan, àfi 0:00. Ọrùn ti di 23:37, gèlè 1:15:42. Àwọn líǹkì tí mo ti fi ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́, tuntun ni mo tún fi ránṣẹ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ àǹtí pé kí ni wọ́n ń pe ìpín wọ̀nyí. Wọ́n ní, "Ibi gígé ọrùn, ibi wíwé gèlè. Kí ló tún kù?" Mo ti kọ "Àwọn abala" sókè àkójọ náà ná. Tí ẹ̀yin bàbá bá ṣì fẹ́ "orí", ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí n tó ṣe ti agbádá.