Ta ni “ẹni tó yá a” nínú ìwé ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìbéèrè láti Kúbwà, l'Ábújá:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mò ń tọ́jú ohun èlò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní kí n kọ ìwé rẹ̀ ní Yorùbá, torí àwọn ìyá tó ń bá mi ṣí sítọ́ọ̀ kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Òpó márùn-ún ni mo yà sí i: Ohun èlò, Nọ́ńbà ìtòtẹ̀léra, Ipò, Ẹni tó yá a, Ọjọ́ ìdápadà. Ṣé àwọn ọ̀rọ̀ náà tọ́?”

Ìdáhùn láti Mìnnà:

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n ti òpó kẹrin bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹ́ yọ. Ojú méjì ni “yá” ní. Bí Kúbwà bá gbé máìkì fún Lùgbé, Kúbwà yá Lùgbé ní máìkì, Lùgbé náà sì yá máìkì lọ́wọ́ Kúbwà. “Ní” àti “lọ́wọ́” ló ń jẹ́ ká mọ ẹni tó fún ni yàtọ̀ sí ẹni tó gbà. Nígbà tí ẹ bá gé e kù sí “ẹni tó yá a”, ẹ ti gé ohun tó ń tọ́ka ọ̀nà dànù.

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin níbí, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo kọ sórí òpó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta a wá máìkì kan tì. Mo ṣí ìwé. Orúkọ olùtọ́jú sítọ́ọ̀ wa ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀, ìgbà mẹ́rìnlá. Bàbá náà kò purọ́: òun ló yá àwọn ènìyàn ní nǹkan, ohun tó sì gbà pé ìwé ń béèrè nìyẹn. Orúkọ àwọn tó gbé e lọ kò sí níbì kankan. Ẹ kọ “Ẹni tó gbé e jáde”, kí ẹ sì ya òpó mìíràn fún “Ẹni tó kó o fún un”. Kò sí ẹni tí yóò ṣi ìyẹn kà.

Láti Lùgbé:

Ẹ jọ̀wọ́, èló lẹ fẹ́ máa yá a fún èèyàn lójúmọ́? A ní ìgbéyàwó lọ́nà, sípíkà ńlá méjì àti míkísà la nílò.

Láti Mìnnà:

Ọ̀gbẹ́ni, háyà lẹ ń sọ. Àbúrò wa kò fi nǹkan háyà, ìwé ló ń kọ. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹ kà á bẹ́ẹ̀, torí ẹ ti fi ojú kẹta tí “yá” ní hàn wá.

Láti Jọ́ọ̀sì, bàbá kan tó ti ń lùlù fún ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe:

Ẹ má gbàgbé “wín”. Létí tèmi, iyọ̀ àti epo ni àwọn ìyá wa máa ń wín lọ́dọ̀ ara wọn. Ọkọ́ àti odó ni wọ́n máa ń yá. Ohun tí a bá wín, irú rẹ̀ mìíràn la ó dá padà, torí a ti jẹ ti àkọ́kọ́ tán. Ohun tí a bá yá, òun gan-an ló gbọ́dọ̀ padà wálé. Bátìrì ni kí ẹ wín wọn. Máìkì ni kí ẹ yá wọn. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìjà ti dínkù.

Láti Kàdúná, Alhaja kan nínú ẹgbẹ́ àṣàlátù:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Àmọ́ ní ilé tiwa, “yá” la ń sọ fún gbogbo rẹ̀, tó fi dórí owó. Ta ni kì í sọ pé “ẹ yá mi lówó”? Àwọn ọmọ tí a bí síbí kò tilẹ̀ mọ “wín” mọ́.

Láti Jọ́ọ̀sì:

Òótọ́ ni, owó ti ba ìlà náà jẹ́. Èmi ò ní torí ìyẹn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

Láti Mìnnà:

Mo bá Bàbá lọ lórí ojú ewé ọ̀tọ̀. Máìkì wa tí kò ní wáyà ń jẹ bátìrì AA méjì. Bí mo bá fi méjì tuntun sí i, kò sí ìdí tí n ó fi máa retí méjì yẹn gan-an padà. Bóyá ẹ pè é ní wín tàbí yá, ẹ má kọ bátìrì sójú kan náà pẹ̀lú máìkì.

Ó kan nọ́ńbà wàyí, èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. “Ìtòtẹ̀léra” yóò ṣi àwọn ìyá yẹn lọ́nà. Gbogbo ìwé tí wọ́n ti rí láyé wọn, ìwé ìpàdé, ìwé àjọ, ni S/N wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ni 1, 2, 3. Ohun tí wọn yóò kọ sí tiyín náà nìyẹn.

Láti Jọ́ọ̀sì:

Ẹ pè é ní nọ́ńbà àmútọ̀runwá. Bí a ti ń bí ọmọ tó dojúbolẹ̀ tí a ń pè é ní Àjàyí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. Èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fún un níbí ni kí ẹ pè ní àbísọ.

Láti Mìnnà:

Bàbá, àbísọ yẹn dùn mọ́ mi, mo gbà á. Ti àmútọ̀runwá ni mi ò lè gbà, torí Àjàyí kì í ṣe ẹnì kan. Gbogbo ẹni tí a bí ní ìdojúbolẹ̀ ni Àjàyí. Ẹ̀rọ náà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, orúkọ irú rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe òun là ń wá.

Àṣìṣe yẹn gan-an ló ná wa ní ọjọ́ Ìsinmi méjì. Lórí máìkì tí mo ń sọ, wọ́n kọ BLX2 sí i lára. Lórí àpótí tó ń gba ohùn rẹ̀, BLX4. Mo dà á kọ sí òpó nọ́ńbà, ọkàn mi balẹ̀. Àwọn kan gbé máìkì náà lọ sí ìsìn àpapọ̀, wọ́n fi àpótí sílẹ̀ nílé torí ibẹ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n dá máìkì padà lọ́jọ́ tí wọ́n dá. BLX2 ni ìwé wí, BLX2 la rí, a fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, iná máìkì tàn, àpótí kò gbọ́ nǹkan kan. A pààrọ̀ bátìrì. A yí ṣánẹ́ẹ̀lì títí ó fi sú wa. A ní àpótí ló bàjẹ́.

Ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ fún wa ló yí méjèèjì wò, tó ka lẹ́tà kékeré tó wà lára wọn. Àpótí jẹ́ H8E, ìyẹn ń ṣiṣẹ́ láàárín 518 sí 542 mẹ́gáhátìsì. Máìkì tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ K3E, láàárín 606 sí 630. Ohun tí wọ́n rọ mọ́ inú wọn ni, kò sí bọ́tìnnì tó lè mú wọn pàdé. Níbi ìsìn yẹn ni wọ́n ti gbé máìkì ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn fún wa, wọ́n sì gbé tiwa fún wọn. Kò sẹ́ni tó jalè. Àwọn náà ti ń bá àpótí tiwọn jà lọ́dọ̀ wọn.

Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ọ̀kan péré ni ẹ̀rọ kejì irú rẹ̀ kò ní. Ká ní mo kọ ìyẹn ni, ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ni à bá ti dá máìkì àlejò yẹn padà. “Nọ́ńbà àdáni” ni mo ń pè é, torí òun nìkan ló dá a ní. Máìkì ní tirẹ̀, àpótí ní tirẹ̀: ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì kọ lẹ́tà ìgbì wọn sí i. Ẹ wo ara ọwọ́ máìkì àti ibi tí bátìrì ń gbé. Ẹ wo abẹ́ àpótí àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti Kàdúná:

Tèmi rèé o. Àwọn kan yá họ́ọ̀n mọ́sálásí wa nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀. Nígbà tó dé, ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ yẹn, tiwa ni, mo mọ ibi tó ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há, ó ń ké bí ẹni tí òtútù mú. Ìdí rẹ̀, ibi tí ohùn ti ń jáde, yíyí ni wọ́n ń yí i mọ́ ẹnu, wọ́n sì ti yí ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ẹnu nìkan la kọ nọ́ńbà sí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dà funfun ni mo fi ń kọ ọ́ sí méjèèjì.

Ẹ tún yọ “Ipò” yẹn kúrò. Àwọn tiwa rí i, wọ́n kọ “orí òrùlé, apá ọ̀tún” sí i. Wọ́n rò pé ibi tó wà là ń béèrè.

Láti Mìnnà:

Alhaja, ẹ ti bá mi dé ibẹ̀. Òpó méjì ni kí ó jẹ́: “Bó ṣe jáde” àti “Bó ṣe wọlé”. Kí ẹ sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ “ó dára”. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ni kí wọ́n kọ. Àpẹẹrẹ láti inú ìwé tiwa: “Àwọ̀n orí rẹ̀ tẹ̀ lápá kan. Ó fọhùn fún ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lú bátìrì tuntun. Bí a bá mi ọwọ́ rẹ̀, ó ń dún gbarakata.” Tó bá wọlé tí àwọ̀n tẹ̀ lápá méjì, àwíjàre ti tán.

Láti Jọ́ọ̀sì:

Bó bá jẹ́ gángan, ẹ kọ bóyá ọyẹ́ ni tàbí òjò. Ìlù tó jáde nígbà òjò tí awọ rẹ̀ dẹ̀, tó bá padà nínú ọyẹ́, ó lè le koránkorán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ara igi ni kí ẹ fi àmì sí, ẹ má fi sí awọ. Awọ ni a máa ń pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjọ́ kún un. Wọ́n wá yá gángan mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi ka ọjọ́ tó jáde mọ́ ọn, bí àwọn bàbá wa ti ń kà á, ó bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ tó gbé e lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ kejì, ó gbé e dé lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ìsìn ti parí.

Láti Mìnnà:

Ẹ ò rí i? Bí ó bá jáde ní 6/9/2025, ẹ kọ 20/9/2025 sábẹ́ “Ọjọ́ àdéhùn”, kí ẹni tó gbé e fọwọ́ sí i. “Ọjọ́ ìdápadà” nìkan kò tó, torí ẹ kò ní mọ̀ bóyá ọjọ́ tó yẹ kó dé ni tàbí ọjọ́ tó dé. Ẹ ya “Ọjọ́ tó wọlé” sọ́tọ̀, òfìfo ni kó wà títí nǹkan yóò fi wọ sítọ́ọ̀.

Láti Kúbwà:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti fa ìlà tuntun, àwọn ìyá sì kà á fún mi láìbéèrè ohunkóhun. Ohun kan ló kù. A ní máìkì oníwáyà mẹ́fà, SM58 ni gbogbo wọn. Mo ti yí wọn po, mi ò rí nọ́ńbà àdáni kankan.

Láti Mìnnà:

Ẹ kò ní rí i, SM58 oníwáyà kì í ní in. Àbísọ Bàbá Jọ́ọ̀sì ló kàn. Ẹ kọ KUB-M01 dé KUB-M06 sára ọwọ́ wọn, kí ẹ yí àwọ̀n orí wọn kúrò, kí ẹ tún un kọ sábẹ́ rẹ̀ níbi tí ọwọ́ kì í kàn.

Láti Jọ́ọ̀sì:

Ẹ gba àbísọ, ẹ kò gba àmútọ̀runwá. Ẹ̀jìré méjì kò lè jẹ́ Táíwò nínú oyún kan náà, mo ṣì dúró lórí tèmi.