Irun iwájú orí mi ń yípo, irú gígẹ̀ wo ló máa bá a mu?

Délé Nyánya
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ irun mi yìí. Gbogbo irun orí mi ló ń sùn síwájú, àfi ibì kan lókè ojú òsì mi, níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ń yípo ni, ó wá ń kọjú sókè bí ẹni pé ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Tí irun bá hù díẹ̀ èèyàn ò tiẹ̀ ní mọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an báyìí, ibẹ̀ á kàn máa hàn fòò bí ibi tí eku jẹ, tí gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́ á máa bi mí pé kí ló dé. Onígbàjámọ̀ tó wà ládùúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun gbé láìnì wọ inú díẹ̀ kí òun fá ibẹ̀ kúrò. Ọkàn mi ò gbà á. Ìgbéyàwó àbúrò mi ń bọ̀ ní Ìlọrin lóṣù tó ń bọ̀, mi ò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí pẹ̀lú orí tó rí págunpàgun.

Ìyá Ìbejì Kúbúwà
Lápálápá nìyẹn o! Ṣé o máa ń jẹ́ kí wọ́n sun klípà yẹn níná kí wọ́n tó fi kàn ọ́? Ra oògùn kó o fi pa á kó tó ràn káàkiri. Ó ṣe ọmọ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Délé Nyánya
Màmá, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n kì í yún mi, kò ní ìpẹ́, irun sì wà níbẹ̀ dáadáa. Láti kékeré ló ti wà, ó wà nínú fọ́tò tí mo yà ní pámárì.

Onígbàjámọ̀ Gáríkì
Kì í ṣe lápálápá, màmá, lápálápá á máa yún, á ní ìpẹ́, irun ibẹ̀ á sì máa já. Tiẹ̀ yìí, bí irun ṣe gúnlẹ̀ sínú awọ orí ló fà á. Gbogbo irun ló ní ibi tó dagun sí látinú awọ, inú oyún ni orí ti ń tò ó. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló ní ibi tó ti ń yípo láàrin àtàrí, ẹlòmíì ní méjì níbẹ̀, ẹlòmíì sì ní ọ̀kan níwájú bíi tìẹ.

Délé, ṣe báyìí: fi omi rin ín, lẹ́yìn náà dúró níwájú dígí níbi tí iná mọ́lẹ̀, kó o sì fi ìka pa ibẹ̀ lọ, pa á bọ̀. Tí ìka rẹ bá ń bá irun tó ń sùn lọ, ibẹ̀ á máa dán, tí o bá dojú kọ ọ́, á máa ta ọ́ lọ́wọ́. Níbi tó ń yípo, wàá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, èkejì ń ta. Sọ fún mi ibi tó ń ta sí.

Fẹ́mi Kàdúná
Bọ̀ọ̀dá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ ra dùrágì, ẹ fi bùrọ́ṣì fọ̀ ọ́ síwájú láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi ìpara díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ dè é sùn. Irun máa ń gbọ́ ìkọ́ni. Tèmi ti kọ́ báyìí, wéfìsì mi ń yọ bí omi òkun.

Onígbàjámọ̀ Gáríkì
Fẹ́mi, o gbà á díẹ̀. Bùrọ́ṣì àti dùrágì á mú kí irun tó ti jáde sùn, ìyẹn dáa fún ẹni tó ń ṣe wéfìsì. Àmọ́ ìdí irun lábẹ́ awọ ò ní yí padà. Jẹ́ kó wẹ̀ orí, tàbí kó làágùn nínú oòrùn Àbújá, á padà síbi tó ti wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni rílásà, ó ń na irun ni, kò yí ìdí ẹ̀.

Délé Nyánya
Mo ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá fa ìka láti òsì lọ sọ́tùn-ún, ó ń dán. Láti ọ̀tún bọ̀ lósì ló ń ta mí.

Onígbàjámọ̀ Gáríkì
Ó yé mi báyìí. Ohun tó ń bà á jẹ́ nìyí. Tí klípà bá ń bá irun lọ, ó máa ń yọ̀ kọjá lórí ẹ̀ ni, díẹ̀ ló ń gé. Tó bá dojú kọ ọ́, á kọ́kọ́ gbé irun dìde, á wá gé e sí ìsàlẹ̀. Gáàdì ẹnu klípà kan náà, ọwọ́ kan náà, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan á kúrú ju èkejì lọ. Onígbàjámọ̀ rẹ ń fa klípà láti iwájú lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi tó ń yípo yẹn, ó ń bá apá kan lọ, ó ń dojú kọ apá kejì. Awọ orí ló wá ń hàn ní apá kejì yẹn, ìwọ rò pé irun ti tán níbẹ̀.

Èyí tí màá ṣe fún ọ: òkè orí pẹ̀lú iwájú, gáàdì 2, ìyẹn mílímítà 6, kí n máa bá irun lọ. Tí mo bá dé ibi tó yípo, màá máa yí klípà tẹ̀ lé e, mi ò ní fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè lọ sí gáàdì 1 kí wọ́n wá ṣe fédì sílẹ̀, kò kan iwájú. Láìnì, èyí tó bọ́ síta nìkan ni kí wọ́n mú. Má jẹ́ kó wọ inú o! Irun ibẹ̀ á tún hù, ó sì máa ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, kó tó ọ̀sẹ̀ kan ni wàá ti máa rí dúdú dúdú lókè iwájú orí rẹ, ẹlòmíì á sì bá a yọ kókó.

Ọmọ Bàbá Mináà
Èmi ń fá gbogbo ẹ̀ dànù ni. Wánsámù kan ní Kánò ló kọ́kọ́ fi abẹ fá a fún mi. Kò sí irun, kò sí ìyípo. Ẹ̀yin ń ṣe wàhálà.

Onígbàjámọ̀ Gáríkì
Ìyẹn náà bá a mu, irọ́ kọ́. Èyí tí kò bá a mu ni èyí tó wà láàrin, ìdajì gáàdì sí 1, ibẹ̀ ló ti ń hàn jù. Bó bá sì fẹ́ sumọ, kó jẹ́ kó hù, irun wa tó ká á bo ara ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àǹtí Bísí Wúsé
Ti obìnrin ń kọ́? Èmi ní in lápá ọ̀tún, irun mi sì wà ní rílásà. Mo ní kí wọ́n gẹ fúríǹjì fún mi kó dé bèbè ìpéǹpéjú, bó ṣe gbẹ ló fò sókè! Ní báyìí mo ń jẹ́ kó gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó lè wúwo, mo sì ń pín irun síbi tó fẹ́ lọ. Tó bá ṣì tutù, mo ń fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, mo ń fọ̀ ọ́ sọ́tùn-ún sósì ní ìdí títí á fi gbẹ. Ọmọbìnrin mi náà ní in, tí wọ́n bá di ṣùkú fún un, ibẹ̀ ló ń sunkún sí jù.

Ìyá Ìbejì Kúbúwà
Kí wọ́n má dì í le níbẹ̀ o, etí irun ọmọ á pá. Ìyẹn mo mọ̀ dájú.

Àǹtí Bísí Wúsé
Ẹ ṣé mà. Àbí ó wà nínú ẹbí ni? Bàbá mi ò ní in, màmá mi ò ní in.

Fẹ́mi Kàdúná
Ti èmi àti ìkejì mi ò dọ́gba, ìbejì sì ni wá.

Délé Nyánya
Ẹ̀gbọ́n, mo máa fi èyí tẹ́ ẹ kọ han onígbàjámọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí klípà tẹ̀ lé e ńkọ́?

Onígbàjámọ̀ Gáríkì
Ní kó fi gáàdì 3 sí iwájú nìkan, kó sì fi síbẹ̀. Ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbéyàwó, má dúró di àṣálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lọ.