Ṣé “Ìtumọ̀” Tó, Àbí Ká Pè É Ní “Ìmúbámu”?

Ìbéèrè: Mo ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń ta oúnjẹ ilé fún àwọn ọmọ wa lókè òkun. Kí ni ká máa pe àtúnṣe tí a ń ṣe sí àkọlé àti àpèjúwe ọjà kí ẹni tó ń wá a lè rí i? Ṣé “ìtumọ̀” kò tó?

Atúmọ̀-èdè: Kò tó. Ẹni tó bá sọ irú di “locust beans” lásán ti fi ọjà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ “locust bean gum”, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń rí nínú èso igi mìíràn, tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń mú oúnjẹ ki, tí kò sì sí ẹni tó lè fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ọmọ Yorùbá á tẹ iru, ọmọ Haúsá á tẹ dawadawa. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ìmúbámu”: orúkọ tí olùrà mọ̀ ló ń ṣíwájú, àlàyé á tẹ̀ lé e, báyìí:

```
Irú Wooro – Iru Woro, Dawadawa, Fermented Locust Beans
```

Nínú àpèjúwe, ẹ sọ bóyá wooro ni tàbí pẹ̀tẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ se ewédú kò ní fẹ́ wooro. Bí wọ́n bá sì fi sóyà ṣe é, ẹ má fi pamọ́: sóyà wà lára ohun 14 tí òfin Bírítéènì ní kí a kọ nítorí àwọn tí ara wọn kò gbà á.

Oníṣòwò: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èlùbọ́ ni tèmi. Mo kọ “yam flour”, oníbàárà kan sì bínú pé iyán funfun lòun rà, ó wá dúdú lórí iná.

Olùkọ́ èdè: Ẹ má yọ àmì ohùn kúrò níbikíbi o. Iru tí kò lámì lè di ìrù màlúù, wọ́n sì ń ta ìyẹn náà!

Atúmọ̀-èdè: Òótọ́ lẹ sọ nípa àkọlé, sà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì lórí fóònù. Kódà, kọ̀ǹpútà lè tọ́jú lẹ́tà ẹ̀ tó wà nínú ẹ̀wà ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Ojú á rí i bákan náà, ìwárí lè má rí i. Ẹ jẹ́ kí èyí tó lámì àti èyí tí kò lámì jọ wà, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n wò nínú àpótí ìwárí ilé ìtajà náà.

Olùkọ́ èdè: Mo gbà fún àpèjúwe nìkan. “Ìmúbámu” kò sì sọ pé kíkọ la ń kọ; “àkọbámu” dára jù.

Atúmọ̀-èdè: Àkọbámu kò kan àwòrán, bẹ́ẹ̀ a máa ń pààrọ̀ àwòrán pẹ̀lú. Ní ti èlùbọ́, ẹ kọ “Èlùbọ́ Iṣu – Elubo, Yam Flour for Amala”, kí ẹ sì fi àmàlà tí wọ́n ti rò tán hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò rẹ̀.