Ọ̀rẹ́kùnrin mi ní kí n kó wá sílé òun, ìyá mi ò sì mọ̀ pé ó wà rárá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Máńṣẹ́sítà ni mo ń gbé, fisa iṣẹ́ ni mo fi wà níbí. Ó lé ní ọdún kan tí èmi àti ọkùnrin kan ti ń fẹ́ra. Òyìnbó ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ra ilé lọ́dún tó kọjá, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé ilé náà, ó sì ń san owó rẹ̀ padà fún báńkì lóṣooṣù. Owó ilé tèmi máa tó tán, ló bá ní kí n kúkú kó wá sọ́dọ̀ òun, kí n máa mú 450 pọ́n-ùn wá lóṣù.

Nílé wa, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìbálé ṣeré. Títí dòní ni ìyá mi ń sọ bí wọ́n ṣe gbé aṣọ funfun àti páálí ìṣáná tó kún fọ́fọ́ lọ sílé àwọn òbí wọn lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó wọn. Èmi náà sì fẹ́ dúró, kì í ṣe torí wọn nìkan. Mo ti sọ fún un, ó ní ó yé òun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní nínú ẹbí tòun, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹni tí kò tíì bá gbé rí. Nígbà míì ó ń ṣe mí bíi kí n gbà. Nígbà míì ọkàn mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ìyá mi ti ń bá ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan sọ̀rọ̀ nítorí mi. Àǹtí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì lè yọ sí mi lọ́jọ́kọ́jọ́. Ṣé kí n kó lọ àbí kí n má kó lọ?

Bọ̀dá Kúnlé:
Àbúrò mi, ṣọ́ra o. Ìwé ìgbélùú kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn torí ẹ̀ kó sílé òyìnbó. Bí ẹ bá tiẹ̀ ṣègbéyàwó, ìwé kì í dédé jáde. Owó tó ń wọlé fún ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ tó 29,000 pọ́n-ùn lọ́dún kó tó lè fi ọ́ ṣe ìyàwó níwájú àwọn afúnni-ní-fisa, ẹ ó sì san owó gọbọi. Dúró ti iṣẹ́ rẹ.

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n mi ò wá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Fisa mi wà ní ìdúró ara mi. Bí mo ṣe máa ṣe láàárín òun àti ilé wa ni mò ń bi yín.

Sùúrù Lérè:
Kó lọ jàre. Owó ilé ti wọ́n jù. Bó bá ti pé ọdún 2 tí ẹ jọ ń gbé, òfin ilẹ̀ yìí ti kà ọ́ sí ìyàwó nìyẹn, ìdajì ilé náà ti di tìẹ. Kí ni Màmá tún fẹ́ sọ nígbà náà?

Ìyá Ìbejì:
Sùúrù Lérè, má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé ni mo ti ṣiṣẹ́, ohun tí o sọ yẹn gan-an ló sì ń pa àwọn obìnrin lẹ́kún níwájú wa. Ní Íńgíláǹdì àti Wéésì, kò sí iye ọdún tí ẹ lè jọ gbé tí òfin á fi sọ yín di tọkọtaya. Ìbáà jẹ́ 20 ọdún. Sìkọ́tíláǹdì ní òfin tiwọn láti 2006, tó fún àwọn tó jọ ń gbé ní ẹ̀tọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n Máńṣẹ́sítà kò sí níbẹ̀. Ọdún 2 tí o gbọ́, ọ̀rọ̀ fisa ni. Bí ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó bá fẹ́ fi olólùfẹ́ rẹ̀ tọrọ fisa, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àárín àwọn méjèèjì ti tó ọdún 2. Kò kan ilé, kò kan owó.

Ọmọ Òṣogbo, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. 450 lóṣù, 5,400 lọ́dún. Bí ẹ bá gbé pọ̀ fún ọdún 3, ó ti di 16,200. Ká wá ní ẹ tú ká. Ìwọ lo máa lọ fi ẹ̀rí han kóòtù pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ní in lọ́kàn pé o ní ìpín nínú ilé náà. Bó bá jẹ́ owó iná, omi àti oúnjẹ lo ń san, tí òun ń san ti báńkì, á ṣòro kí wọ́n tó gbọ́ ẹ. Nítorí náà, bí o bá máa kó lọ lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹrù tó wọlé: ṣé owó ilé lásán ni 450 yẹn, àbí ìpín nínú ilé? Kì í ṣe ìwọ̀sí láti bi í. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fúnra wọn ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí àwọn ọmọ wa ń gbà jìn sí kòtò. Kí inú ìyá lè dùn, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn níbí, wọ́n á ṣe ìdána, alága ìdúró, alága ìjókòó, gbogbo ẹ̀ á pé. Ọkọ á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kó jọ. Ìdána tí ẹ ṣe ní gbọ̀ngàn ní Máńṣẹ́sítà kò jẹ́ ìgbéyàwó lójú òfin ibí. Àfi kí ẹ lọ sí rẹ́jísírì. Ẹ̀yin méjèèjì á jọ lọ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ ó dúró fún ọjọ́ 28, bó sì ṣe jẹ́ pé fisa lo fi wà níbí, wọ́n lè fà á di ọjọ́ 70 kí wọ́n lè yẹ̀ yín wò. Ìdána tí wọ́n bá ṣe ní Òṣogbo gan-an lọ̀tọ̀, lọ́yà ló máa wo ìyẹn.

Adùkẹ́ Bámíngámù:
Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọmọ Yorùbá ni tèmi pàápàá, ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. Mo kó sílé rẹ̀, mo kun yàrá, mo ra sítóòfù, mo ra kọ́tìnnì. Bí ìyá mi bá pè mí lórí fídíò, inú ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń wọ̀, kí wọ́n má baà rí bàtà ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo kó jáde, rìsíìtì sítóòfù nìkan ni mo rí mú jáde nínú báàgì mi. Kò sẹ́ni kankan nílé tí mo lè sunkún sí, nítorí wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Màmá Ìjọ:
Ẹ kú ìmọ̀ràn. Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé ẹ ń sọ ti ilé, ẹ ò sọ ti ìbálé. Ọmọ mi, má sùn níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á dúró. Pe ìyá rẹ lónìí, kí o sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́, Màmá. Mo fara mọ́ ọn pé kó má sùn níbẹ̀ fún ìgbà yìí, ṣùgbọ́n ìdí tèmi yàtọ̀. Ọkùnrin yẹn ní ó yé òun, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ wọn níbí ka ìbálòpọ̀ mọ́ ohun tí èèyàn fi ń mọ ara ẹni, kì í ṣe ohun tó ń tẹ̀lé ìgbéyàwó. Nítorí náà lójú tiẹ̀, bí o bá ṣe ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ńṣe lo ń súnmọ́ gbígbà. Má bá a sọ ọ́ lóru mọ́. Bá a sọ ọ́ lọ́sàn-án, níbi tábìlì, kí ẹ̀yin méjèèjì wọṣọ yín. Sọ ọ́ kó yéni: di ìgbà wo? Ṣé di rẹ́jísírì ni, àbí ìdána? Kí o wá bi í bóyá òun tiẹ̀ ní ìgbéyàwó lọ́kàn, àti bóyá òun lè dúró. Má dáhùn fún un. Bó bá ní òun kò lè ṣe é, kì í ṣe èèyàn burúkú, o ti mọ ohun tó wà ńlẹ̀ kí o tó kó ẹrù. Bó bá ní òun lè ṣe é, tó tún bẹ̀rẹ̀ lóru, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Kí o sì mọ̀ pé lójú òfin ibí, sísùn tí o sùn sílé rẹ̀ kì í ṣe pé o ti gbà. Àní láti 1991 ni kóòtù ti sọ ọ́ kedere pé ọkọ pàápàá kò gbọdọ̀ fipá bá ìyàwó rẹ̀ lò.

Ọmọ Òṣogbo tún ní nígbà míì ó ń ṣe òun bíi kí òun gbà. Màmá, ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ fèsì ìyẹn náà. Bí ọkàn rẹ bá yí padà ní tìrẹ, tí kò sẹ́ni tó rọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn NHS tó ń rí sí ìlera ìbálòpọ̀ á fún ọ ní ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò fún àrùn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì ní lọ ròyìn ẹ. Bí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ àǹtí rẹ, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta.

Màmá Ìjọ:
Èmi ò lè fọwọ́ sí ìyẹn, Ìyá Ìbejì. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ dúró. Ìlẹ̀kùn tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tì, kí lẹ tún ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ hàn án sí?

Ìyá Ìbejì:
Nítorí mo ti rí àwọn tí kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, tí wọ́n fi oyún wá sọ́fíìsì wa.

Ti ìyá rẹ, Ọmọ Òṣogbo, èmi kò ní kí o pè wọ́n lónìí. Bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ná. Bó bá dáa, má fi bí ẹ ṣe ń sùn bẹ̀rẹ̀. Ìyá Yorùbá á kọ́kọ́ bi ọ́ pé ọmọ ta ni, iṣẹ́ wo ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe, ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́. Wádìí ìyẹn sílẹ̀. Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù tí o ń sá fún yẹn, òun gan-an ni mo máa fi ṣe alárinà. Bí àǹtí bá ti jókòó jẹun pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu àǹtí ni ìyá rẹ á ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bọ̀dá Kúnlé:
Àǹtí á kàn fi Wáńsáàpù sọ ọ́ kó tó délé. Mo mọ àwọn àǹtí yìí.

Ọmọ Òṣogbo:
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo bá a sọ ọ́ lánàá, ọ̀sán ni, níbi tábìlì. Ó ní ìgbéyàwó wà lọ́kàn òun, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ bóyá òun lè dúró tó bẹ́ẹ̀, kí n fún òun láyè ronú. Kò bínú. Mo sọ ti ìwé lọ́yà náà, ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ó wá ní kò burú.

Mo ti fọwọ́ sí ilé mi fún oṣù 6 míì. Àǹtí ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, bó bá padà sọ pé òun ò lè dúró, ṣé ó ṣì yẹ kí àǹtí mọ̀ pé ó wà?

Ìyá Ìbejì:
Bó bá rí bẹ́ẹ̀, rárá o. Bí ó bá dáhùn, padà wá sọ fún wa.