Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ irú ọrùn aṣọ látinú fọ́tò?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo fọ́tò aṣọ kí n sì kọ bó ṣe rí sílẹ̀, ọrùn ẹ̀ ló ń dà mí láàmú jù. Lánàá mo rí gáùn dúdú kan tó ní okùn èjìká tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, igun wà níbi tí okùn yẹn ti kan àyà, mo bá kọ sìkúwéà, ọ̀gá mi dá a padà, wọ́n ní suwíìtì-háàtì ni. Mo wò ó wò ó, igun yẹn ṣì wà níbẹ̀ o. Kí ni mi ò rí?

Àǹtí Aránṣọ: Igun yẹn ló tàn ẹ́ jẹ. Suwíìtì-háàtì tó bá ti ní okùn èjìká náà máa ń ní igun níbẹ̀, àárín ni kó o wò. Fi etí ìwé lé ojú fọ́tò látigun kan dé ìkejì. Tó bá jẹ́ sìkúwéà, etí aṣọ á tẹ̀lé ìwé yẹn, tó bá tiẹ̀ tẹ̀ nítorí ọyàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láá tẹ̀, kò ní ṣẹ́ níbì kankan. Ti suwíìtì-háàtì, wàá rí i tó gùn òkè lórí ọyàn kan, tó wá já sísàlẹ̀ ṣóńṣó láàárín, tó tún gùn lórí ìkejì.

Tómi: Bó ṣe jìn lèmi máa ń wò o. Tó bá wà lókè, bàtó, tó bá jìn, sìkúùpù.

Àǹtí Aránṣọ: O gbà á díẹ̀, Tómi, àmọ́ sìkúùpù tí ò jìn wà. Bó ṣe fẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Bàtó fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí èjìká, ìwọ̀nba aṣọ díẹ̀ ló kù lórí èjìká, iwájú ẹ̀ á sì lọ gbọọrọ lórí eegun tó wà lábẹ́ ọrùn. Sìkúùpù sún mọ́ ọrùn lókè, ó wá yípo wálẹ̀ bí abọ́. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ tí wọ́n fi kọ́ háńgà o, iwájú bàtó máa ń rọ̀ wálẹ̀, ẹ ó rò pé sìkúùpù ni.

Ìyá Bọ́lá: Èmi rán sìkúwéà, igun ẹ̀ ń ká kò, kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Aránṣọ: Mà, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé igun yẹn wọlé títí á fi kù díẹ̀ kó kan òwú, kẹ́ ẹ tó yí i padà. Àmọ́ fọ́tò la ń sọ níbí o.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti padà wò ó, ẹ̀gbà ọrùn ló bo àárín nínú fọ́tò àkọ́kọ́, inú èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ ni mo ti wá rí ibi tó já sísàlẹ̀, ó kéré gan-an.

Tómi: Tó bá kéré bẹ́ẹ̀, sìkúwéà lèmi máa kọ.

Àǹtí Aránṣọ: Èmi ò ní kọ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ṣẹ́ láàárín, ó ti ṣẹ́ náà nìyẹn.

Tómi: Àǹtí, ẹni tó bá fẹ́ ra suwíìtì-háàtì tó wá rí èyí, ṣé kò ní dá a padà ni?