Lẹ́tà sí kọmíṣánà ètò ọmọdé: ẹ bá mi wò ó

Ìyá Ìbejì Pẹ́kàmù
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní kàtúùnù kan tí mo ti yà sínú ìwé, ìtàn ìbejì méjì tí ìyá wọn ń tajà nítòsí Ráì Léènì ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí kọmíṣánà ètò ọmọdé ní tẹlifíṣàn, ìyẹn ẹni tó ń yan ètò tí wọ́n máa ṣe, bóyá wọn á gbà á. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí:

"Ọ̀gá wa, àṣà Yorùbá ń parẹ́ lọ láàárín àwọn ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Ètò yìí yóò kọ́ wọn ní ìkíni, oúnjẹ, oríkì àti ìtàn àwọn baba ńlá wa. Táyé àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ ọdún 5 tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn gidigidi..."

Ojú ìwé mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀, mo ti so ó mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìyá àgbà kan tó ń pàlọ́ ló sì wà láàárín rẹ̀. Kí ni kí n gé kúrò?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ síbì kankan o, Ìyá Ìbejì. Ẹ kọ́kọ́ lọ fi orúkọ èrò yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n má baà jí i. Bí owó kò bá sí, ẹ fi ìwé náà sínú àpòòwé, kí ẹ fi póòsì ránṣẹ́ sí ara yín, kí ẹ má sì ṣí i.

Ayàwòrán Máńṣẹ́sítà
Ẹ̀gbọ́n, ìbẹ̀rù yín tọ̀nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Bírítéènì níbí, kò sí ọ́fíìsì ìjọba tí ènìyàn ti ń forúkọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Gbàrà tí Ìyá Ìbejì ti kọ ọ́, tí wọ́n sì ti yà á, òfin ti ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àti àwòrán wọn. Èrò lásán, bíi "ìbejì nínú ọjà", kò sí òfin tó lè fi í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ pa fáìlì àti ímeèlì tó ní ọjọ́ lára mọ́, ìyẹn wúlò ju àpòòwé lọ.

Ẹ̀yin ìyá, mo ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kàtúùnù fọ́jọ́ pípẹ́, àwòrán-ìtàn ni mò ń yà, mo sì máa ń rí àwọn lẹ́tà tí a ń fi ránṣẹ́. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má bínú. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ yín ń sọ ìdí tí ẹ̀yin fi fẹ́ ètò náà. Kò tíì sọ ìdí tí ọmọ ọdún 4, tí kò mọ Yorùbá rárá, fi máa jókòó wò ó. Ohun tí kọmíṣánà ń wá ni ẹni méjì tí wọ́n á máa fa wàhálà apanilẹ́rìn-ín sílẹ̀ ní ìgbà 52 láìsú ọmọ. "Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gidigidi" ò lè bí ìtàn kankan. Kí ni Táyé máa ń ṣe tó ń bí Kẹ́hìndé nínú?

Ìyá Ìbejì Pẹ́kàmù
Háà! Táyé (ọkùnrin ni) máa ń sáré wọlé kó tó wò. Kẹ́hìndé ò ní wọlé títí yóò fi wò tán, ìyẹn bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú. Wọ́n sì ń jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n. Táyé ní òun lòun kọ́kọ́ jáde. Kẹ́hìndé ní òun lòun rán an níṣẹ́. Bí tèmi ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́.

Ayàwòrán Máńṣẹ́sítà
Ó tán! Ètò yín nìyẹn, ó sì jókòó sí ojú ìwé kẹta. Ẹ gbé e wá sókè.

Bàbá Tóbi, Hústọ̀nù
Ẹ ṣé o. Ọmọ tèmi ọdún 7 kò dáhùn ní Yorùbá mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì bí mo bá kí i. Kàtúùnù yìí, ṣé ó ti wà lórí Yútúùbù? Ẹ fi línìkì rẹ̀ síbí.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kàmù
Bàbá Tóbi, kò tíì sí kàtúùnù kankan o. Lẹ́tà là ń kọ.

Ayàwòrán Máńṣẹ́sítà
Mo gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì la máa fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i ní Yorùbá. Kò gbọdọ̀ kọjá ojú ìwé kan.

"Táyé máa ń sáré wọlé kó tó wò. Kẹ́hìndé kì í wọlé àfi tó bá wò tán. Ọmọ ọdún 5 ni àwọn ìbejì yìí, ìyá wọn sì ní ìsọ̀ nínú ọjà olórùlé kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Lójoojúmọ́, ẹnì kan nínú ọjà ń rán wọn níṣẹ́ kékeré kan, iṣẹ́ náà kì í sì í parí àfi bí ẹni tó ń kánjú àti ẹni tó ń lọ́ra bá gbọ́ ti ara wọn.

Eré apanilẹ́rìn-ín ni, fún ọmọ ọdún 3 sí 6, ìpín 52, ìṣẹ́jú 7 fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ló rán Táyé síwájú láti lọ wo bí ayé ṣe rí. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ló ń rò pé àwọn ni ọ̀gá, àwọn méjèèjì ló sì jàre.

Èmi tí mo kọ ọ́ bí ìbejì, mo sì ń tajà nínú irú ọjà yẹn. Àwòrán méjì àti ìlapa ìpín kan wà nísàlẹ̀ yìí."

Gbólóhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn ló ń gbé gbogbo ètò. Nígbà tí kọmíṣánà bá ń sọ ọ́ fún ọ̀gá tirẹ̀, òun ló máa sọ, ẹ̀yin ò sì ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Kí ẹ mọ̀ ọ́n sórí, kó sì kúrò ní mẹ́rin di méjì kó tó lọ.

Mo fi ìyá àgbà tó ń pàlọ́ sílẹ̀ o, ẹ̀yin ni ẹ fi í sí àárín. Láti ọdún 2020 ni CBeebies, ìkànnì ọmọdé ti BBC, ti ń fi JoJo & Gran Gran hàn, ọmọbìnrin kékeré kan àti ìyá àgbà rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni ibi tí tiyín ti yàtọ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kàmù
Ó dùn mí nítorí ìyá àgbà, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Ìlapa ìpín kan tí mo ní rèé: ọbẹ̀ ń hó lórí iná, ọmọrí ìkòkò ti sọnù, Màmá rán wọn kọjá títì lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ìkòkò. Táyé mú èyí tó tóbi jù wá, ó tún mú èyí tó kéré jù wá, ó bọ́ sínú ọbẹ̀. Níkẹyìn Màmá fi abọ́ dé e. Àwọn ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ pé sùúrù dára.

Ayàwòrán Máńṣẹ́sítà
Ọmọrí dára gan-an, ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan á rí i pé kò bá ìkòkò mu. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló máa mú kí wọ́n dá a padà. Ọbẹ̀ tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kékeré, àti ọmọ ọdún 5 tó ń dá sọdá títì: wọn ò ní gbà á, nítorí ọmọ tó ń wò ó lè lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà Ofcom, àjọ tó ń ṣàbójútó tẹlifíṣàn ní Bírítéènì, wà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò ṣófo, kó tutù, kí ìsọ̀ méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé kan, kí àgbàlagbà máa wà lójú àwòrán nígbà gbogbo. Ẹ̀kẹta ló burú jù: Màmá ló yanjú ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ló gbọdọ̀ yanjú rẹ̀, kí ìwà àwọn méjèèjì sì wúlò níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kàmù
Ẹ dúró ná. Kẹ́hìndé lè fi ọwọ́ méjèèjì wọn ẹnu ìkòkò, kó máa rìn lọ báyìí, ọwọ́ ní yíyà sílẹ̀, kó má baà sọ ìwọ̀n nù. Ó dé àárín ọ̀nà, ó pàdé Ìyá Aláṣọ. Ó ní láti kúnlẹ̀ kí wọn! Ọwọ́ lọ sílẹ̀, ìwọ̀n sọnù. Ó padà lọ wọ̀n ọ́n. Ó tún pàdé Ìyá Ẹlẹ́ja...

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mo ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí o.

Ayàwòrán Máńṣẹ́sítà
Ẹ̀yin ìyá, ìyẹn ló máa ta ètò yìí. Àṣà wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró láti kọ́ni. Ẹ jẹ́ ká to ó:

"Ọmọrí. Ìkòkò tuntun Màmá kò ní ọmọrí, oníbàárà kan sì ń bọ̀ wá gbé e. Táyé sáré lọ, ó mú èyí tó tóbi jù bọ̀. Ó sáré padà, ó mú èyí tó bọ́ sínú ìkòkò gbàlà-gbàlà. Kẹ́hìndé ní kí òun wọ̀n ọ́n. Ó fi ọwọ́ gbé ìwọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ó ń pàdé àgbà lọ́nà, ó ń kúnlẹ̀, ìwọ̀n sì ń sọnù. Oníbàárà ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Kẹ́hìndé rí okùn tí Ìyá Aláṣọ fi di ẹrù, ó yí i ká ẹnu ìkòkò, ó ta kókó sí i. Ó ṣe tán, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn kò lè débẹ̀. Ó na okùn sí Táyé. Táyé sáré, ó ń kí gbogbo àgbà láìdúró, ó fi okùn wọn ọmọrí, ó gbé e dé. Ó bá a mu! Màmá bi wọ́n pé ta ló rí i. Àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: 'Èmi ni!'"

Ìṣẹ́jú 7 nìyẹn, bóyá ó tiẹ̀ fẹ́ kún jù. Ẹ fi ìpín márùn-ún mìíràn sí i, gbólóhùn kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí i pé ìtàn ò ní tán. Ẹ má kọ gbogbo 52.

Àǹtí Fúnkẹ́, Lúùtọ̀n
Èmi ò fara mọ́ ibì kan. Táyé tó ń kí àgbà láìdúró yẹn, àwọn ìyá wa á bínú. Yorùbá mélòó ló sì wà nínú ẹ̀? Bí ó bá jẹ́ "ẹ káàárọ̀" nìkan ni, a ò ṣe nǹkan kan.

Ayàwòrán Máńṣẹ́sítà
Àǹtí, ẹ̀rín ni, Ìyá Aláṣọ lè pè é padà ní ìparí. Ní ti Yorùbá, èrò mi ni pé kó má ju ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ ní ìpín kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán sì jẹ́ kó yé ọmọ.

Àǹtí Fúnkẹ́, Lúùtọ̀n
Méjì! Màmá inú ọjà wo ló ń sọ Yorùbá méjì lóòjọ́? Kí wọ́n máa fi sọ ọ́ falala, ọmọ á gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kàmù
Ẹ jẹ́ kí n sinmi lórí ìyẹn ná, ọ̀dọ̀ Àǹtí ni ọkàn mi wà díẹ̀. Ímeèlì kọmíṣánà wá ńkọ́? Èló ni wọ́n sì máa ń san?

Ayàwòrán Máńṣẹ́sítà
Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ tààrà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má kà á. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ti ṣe kàtúùnù rí ni wọ́n ti máa ń gba èrò. Ẹ wá ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí wọn bóyá wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀. Ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ètò ọmọdé máa ń wáyé ní Ṣẹ́fíìdì ní oṣù Keje, ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí wọn lójúkojú. Owó tí tẹlifíṣàn ń mú wá kì í sábà tó iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ló máa ń wá ìyókù lọ́dọ̀ àwọn tẹlifíṣàn ilẹ̀ mìíràn àti nínú ẹ̀dínwó owó orí tí ìjọba ń fún kàtúùnù.

Ohun tó kan yín ni àdéhùn tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wá: wọ́n á san owó díẹ̀ kí ètò náà lè wà lọ́wọ́ wọn fún àkókò kan, kí wọ́n fi máa wá olówó. Ẹ rí i pé ọjọ́ tó máa parí wà nínú rẹ̀, àti pé bí ọjọ́ bá pé tí kò sí olówó, gbogbo ètò á padà di tiyín. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ṣé ẹ rí i, mo sọ ọ̀rọ̀ òfin látìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Tóbi, Hústọ̀nù
Bí ó bá dórí Yútúùbù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí.